Kúlà Mẹ́wàá Tí Mo Ní Kí Wọ́n Wá Kó

Olè tó bá já báàgì gbà lọ́wọ́ èèyàn kì í dúró gbàdúrà fún un. Ó mú ohun tó fẹ́ mú, ó sá lọ. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gbàdúrà fún mi lẹ́yìn tí owó mi wọ àkáǹtì rẹ̀, mo sì ṣe àmín. Mo ti gba owó náà padà. Àmín yẹn ni n kò rí gbà.

Mo ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Sabon Gari nílùú Kano, ìrìn díẹ̀ sí Enugu Road. Ìyàwó mi ló dá a sílẹ̀. Nígbà tó wà láyé, èmi ni mò ń ra gáàsì, èmi ni mò ń gbé omi, bí oníbàárà bá sì ń pariwo, èmi ni mo máa ń lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan títí yóò fi dákẹ́. Lẹ́yìn tó kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin bọ́ sídìí ìkòkò, èmi bọ́ sídìí ìyókù. Orúkọ ìyàwó mi ni àwọn èèyàn ṣì fi ń pe ibẹ̀. N kò yí i padà, n kò sì ní yí i.

Àwọn tó ń wọlé wá jókòó jẹun kọ́ ló gbé wa ró. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà ní àdúgbò Brigade tí à ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ wọn. Ìyàwó mi ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn, ó gbé moínmoín dání, wọ́n sì jọ fẹnu kò. Láti ìgbà náà, owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni a fi ń san owó ilé, òun ni a fi ń ra àpò ìrẹsì. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ wa, kí a tilẹ̀kùn ló kù.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó dáná ní kùtùkùtù, a ó bu oúnjẹ sínú kúlà ńlá, adaidaita, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò káàkiri Kano, yóò sì gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n bá lu aago ọ̀sán, kí oúnjẹ ṣì máa gbóná. Ohun gbogbo dúró lórí kúlà. Kúlà gidi ní ògiri méjì, fóòmù sì kún àárín wọn. Fóòmù yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru jáde. Bí fóòmù kò bá sí níbẹ̀, abọ́ lásán tó ní ìdérí ni.

Àwọn kúlà tí ìyàwó mi fi sílẹ̀ ti gbó. Okùn ni a fi ń di ìdérí méjì nínú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sọ́dọ̀ Akápò.

Akápò ni à ń pè é nítorí pé òun ló ń pa owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa mọ́. Ó ń ta ọjà oníke níbí, ó sì máa ń sọ fún ẹni tí kò béèrè pé kọńtírákítọ̀ lòun. Ó gbé kúlà kan kalẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó ń gba ọgbọ̀n lítà. Mo fi ìka kàn án. Ó dún bí àpò gàrí tó kún. Mo gbé e, ó wúwo.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “fóòmù inú ẹ̀ kún dẹ́nu. Ẹ lè se ìrẹsì lónìí kí ẹ jẹ ẹ́ lọ́la.”

“Ṣé bí èyí ṣe rí ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe máa rí?”

“Tí mo bá purọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún?”

Ó yẹ kí n ti rí i nígbà náà pé kò dá mi lóhùn. Ìbéèrè ló fi dá ìbéèrè mi lóhùn, àwọn tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èèyàn tí à ń gbé owó fún. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ ọ́ sí rìsíìtì, ìyẹn ni mo ṣe dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé n kò fọkàn tán òun ni. Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́: kúlà oúnjẹ mẹ́wàá, ọgbọ̀n lítà, bí èyí tí oníbàárà rí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ìdajì owó ránṣẹ́ láti orí fóònù mi lójú rẹ̀, a sì gbà pé n ó san ìyókù nígbà tí ọjà bá dé láti Èkó.

Ọjọ́ tí ọjà dé, n kò sí nílé. Àbúrò ìyàwó mi ló gbà wọ́n, gbogbo wọn wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi téèpù dì. Kí n tó bọ́ bàtà, Akápò ti pè mí. Ó ní ọjà ti délé, ó ní kí Ọlọ́run bùkún ilé oúnjẹ wa, kí ìyàwó mi sinmi ní àlàáfíà, kí ìkòkò wa má ṣe gbẹ. Mo san ìyókù kí n tó tú ọ̀rá kankan. Bí owó ṣe wọlé, ó tún pè, ó gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Ìgbà yẹn ni mo ṣe àmín tí mo ń sọ.

Ẹ̀wà àti dòdò ni a kọ́kọ́ gbé lọ nínú àwọn kúlà tuntun náà. Àwọn àtijọ́ wà nílé lọ́jọ́ náà, inú àbúrò ìyàwó mi sì dùn pé okùn ti tán lára wa. Lọ́sàn-án, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà pè mí. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni. Èdè Hausa la jọ máa ń sọ.

“Baba,” ó ní, “waken nan ya lalace.”

Ẹ̀wà ti bàjẹ́. Ó ní ó ti kan, ó ń hó ìfófòó, òun sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ó ní kí n yọ owó ọjọ́ náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa san. Lẹ́yìn náà ó sọ pé ìsinmi àárín sáà ti kù díẹ̀, pé tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé padà tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, òun yóò wá ẹlòmíì. Ó tún ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìyàwó mi wà.

Òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo hó omi nínú ìkòkò ńlá. Mo bu ú sínú kúlà tuntun kan, mo bu iye kan náà sínú kúlà ìyàwó mi tí a fi okùn di. Mo dé méjèèjì, mo lọ jókòó. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, mo ṣí wọn. Ti ìyàwó mi ṣì lè bó èèyàn lára. Ti Akápò, èèyàn lè fi wẹ ọmọ ìkókó. Mo kan ògiri kúlà tuntun náà, ó dún bí akèrègbè òfìfo. Mo kan mẹ́sàn-án ìyókù. Akèrègbè ni gbogbo wọn. Mo fi fóònù ya fídíò rẹ̀, láti ìgbà tí mo bu omi títí dé ìgbà tí mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ọwọ́ kò jó mi.

Mo kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi fídíò náà hàn án. Kò wò ó parí.

“Ẹ̀gbọ́n, ooru Kano ni,” ó ní. “Ooru ìlú yìí, kí ni kò lè bàjẹ́ níbẹ̀?”

“Inú ooru kan náà ni kúlà méjèèjì wà.”

“Bóyá ẹ̀wà yẹn ni kò jinná dáadáa. Ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ, ọwọ́ ti yí padà nídìí ìkòkò.”

Mo wo kúlà tó fi hàn mí níjọ́sí. Ó ṣì wà níbi tó wà, wúwo, ó kún fún fóòmù, ó ń dúró de ẹni tí wọ́n máa tún fi tàn jẹ. Mo bi í kí ló fẹ́ ṣe.

“Ẹ máa lò wọ́n lọ ná. Màá bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀.”

Gbólóhùn yẹn ni mo fi mọ̀ pé kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ẹni tó bá ń lo ọjà ti gbà á. Ó fẹ́ kí n lò wọ́n títí wọn yóò fi gbó, kó wá bi mí pé àbí kí ni mo ti ń fi wọ́n ṣe. Nígbà tí mo délé, mo kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi aṣọ bò wọ́n, mo sì sọ fún àbúrò ìyàwó mi pé a kò gbọ́dọ̀ bu omi mímu pàápàá sínú wọn. A padà sí àwọn àtijọ́. Nítorí pé wọn kò pọ̀ tó, adaidaita ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, a sì ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo kọ lẹ́tà.

Mo ti ní ìyàwó, mo ti ní ọmọ, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà. Ìyàwó mi ló fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ láìbi mí. Títí di òní, tí mo bá fẹ́ kọ nǹkan, mo máa ń kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà tó ti bàjẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èyí, nítorí ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní kọńtírákítọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bà á lẹ́rù. Kò ju ojú ìwé kan lọ. Mo kọ ọjọ́ tí mo ra ọjà, nọ́mbà rìsíìtì, iye kúlà, ìwọ̀n wọn, iye tí mo san àti ọjọ́ méjèèjì tí mo san án. Mo kọ ọ́ pé rìsíìtì sọ pé wọn yóò rí bí èyí tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù, pé wọn kò rí bẹ́ẹ̀, pé kò sí fóòmù nínú ògiri wọn. Mo kọ bí mo ṣe dán wọn wò. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo lo wọ́n, pé mo ti kó wọn jọ, n kò sì lò wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ohun tí mo fẹ́: kí ó dá gbogbo owó mi padà, kí ó sì wá fi owó ara rẹ̀ kó kúlà rẹ̀ lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Pé n kò fẹ́ pààrọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ni pààrọ̀ yóò ti wá. Pé bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, n ó gbé e lọ sí kóòtù kékeré tí wọ́n ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. N kò kọ owó ẹ̀wà tó bàjẹ́ sí i. N kò ní ìwé ẹ̀wà.

Àbúrò ìyàwó mi gba lẹ́tà náà, ó kà á tán, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Bùrọ̀dá, ẹ ò bú u.”

“Mi ò bú u.”

“Ẹ tiẹ̀ bú u díẹ̀.”

“Lẹ́tà ni.”

“Ẹ fi sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àyè ṣì wà.”

Mo tẹ ẹ̀dà méjì. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì ní kí akọ̀wé rẹ̀ fọwọ́ sí ìkejì pé ó ti dé. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí fóònù Akápò. Ó kà á. Kò fèsì.

Ó fèsì fún gbogbo ìlú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ibikíbi tí àwọn ọmọ ìlú wa bá ti pàdé mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni: mo kọ lẹ́tà. Wọn kò sọ̀rọ̀ kúlà. Wọn kò sọ̀rọ̀ fóòmù. Ohun tó dùn wọ́n ni pé mo kọ nọ́mbà rìsíìtì sí ọmọ ìlú mi bí ẹni tó ń kọ̀wé sí iléeṣẹ́ iná. Ẹnì kan bi mí ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé ṣé òótọ́ ni pé mo fẹ́ gbé Akápò lọ sí kóòtù àwọn Hausa. Mo ní kóòtù ìjọba ni. Ó ní kí ni ìyàtọ̀. Bàbá rẹ̀ bí i síbí, ó ń sọ Hausa ju Yorùbá lọ, síbẹ̀ ìyẹn ló ń bi mí.

Alága ẹgbẹ́ wa wá sílé mi pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n gbé páálí mọ́ọ̀tì kan dání. Ẹni tó bá mọ àṣà wa níbí yóò mọ ohun tí páálí yẹn wá ṣe. Tí wọ́n bá gbé ohun mímu wá bẹ̀ ọ́, tí o ṣí i, tí o mu ún, ẹjọ́ ti parí. Ẹ̀bẹ̀ ti wọlé. Ẹni tó bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ni aláìmọ̀wàáhù. Akápò kò fi náírà kan ṣoṣo dá lẹ́tà mi lóhùn, mọ́ọ̀tì ló náwó sí.

Mo fún wọn ní àga, mo fún wọn ní omi tútù. Alága yọ ìgò kan, ó gbé e síwájú mi.

“Àbúrò,” Alága ní, “ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Akápò mọ̀ pé ọkàn yín bàjẹ́. Ó ní òun á fún yín ní bẹ́síìnì ńlá mẹ́fà, kí ẹ gbàgbé.”

“Ṣé bẹ́síìnì náà ní fóòmù?”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Alága, ó wúkọ́.

“Owó mi ni mo fẹ́ o, sà,” mo ní. “Kó sì wá kó kúlà rẹ̀.”

“Ó dáa. A ó bá a sọ ọ́. Ẹ mu nǹkan kan kí a lè ráyè dìde.”

“Ẹ̀yin ẹ mu, sà.”

“Tiyín ni.”

“Òùngbẹ ò gbẹ mí.”

A jókòó. Ìgò náà wà láàárín wa, ó ń làágùn. Wọn kò lè mu ún nítorí tèmi ni, wọn kò sì lè gbé e padà nítorí ẹ̀bẹ̀ kì í padà sílé. Àgbà mẹ́ta tí irun wọn ti funfun, tí wọ́n ti gbé ìgbé ayé wọn dáadáa, ni Akápò fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbé páálí. Wọn kò mọ̀. Nígbà tí ìgò náà lọ́wọ́ọ́rọ́ tán, wọ́n dìde. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbé páálí náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e lé orí kúlà.

Wọ́n sún ọ̀rọ̀ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ìpàdé oṣù yẹn bọ́ sí ilé Akápò, nítorí à ń yí i kiri ni. Nǹkan bí ọjọ́ mélòó kan kó tó di ìpàdé, Alága pè mí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Akápò ti fi ọgbọ́n tú u. Ọ̀dọ̀ wa ló fẹ́ ti ra oúnjẹ ìpàdé, jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ, kí gbogbo èèyàn lè rí i pé kò sí ìjà. Ó ní ẹni tó ń bá èèyàn jà kò ní jẹ oúnjẹ rẹ̀, àbí?

Àbúrò ìyàwó mi ní kí a má sè é.

“Ẹ jẹ́ kó lọ jẹ bẹ́síìnì,” ó ní.

“Tó bá ti sanwó ṣáájú, a ó sè é,” mo ní. “Iṣẹ́ ni.”

Ó sanwó ṣáájú. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Bí owó yẹn ṣe yá a lára, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó jẹ mí kò yá a lára.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé, a wà nídìí ata, fóònù àbúrò ìyàwó mi dún. Ìyàwó Akápò ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ilé tí àlejò ń bọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́, ohùn náà sì jáde ketekete láàárín èéfín:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ọ̀la yẹn, ẹ má fi kúlà tuntun yẹn gbé e wá o. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa pẹ́ kí wọ́n tó jẹun, kó má lọ kan mọ́ wa lọ́wọ́, kí ojú má tì wá. Ti Màmá yẹn, ti àtijọ́ yẹn, ni kí ẹ lò. Ẹ ṣé o.”

Àbúrò ìyàwó mi fi ọwọ́ di etí ìkòkò mú. Ẹ̀rín mú un débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àlùbọ́sà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fi ránṣẹ́ sí fóònù mi.

Kúlà ìyàwó mi la fi gbé ìrẹsì lọ, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é. Okùn wà lára ìdérí. A gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú yàrá àlejò Akápò. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, wọ́n gba owó oṣù. Akápò ló ń gba owó náà, ó ń ṣẹ́ ẹ jọ, ó ń fi rọ́bà dì í. Lẹ́yìn náà Alága ní kí a wo ọ̀rọ̀ àárín ọmọ ìyá méjì.

Akápò dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ọjà òun, ojúlówó ni. Ó ní òun ti ta irú kúlà yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn dé ọjà Yankaba, kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà. Ó ní bí èèyàn ṣe ń lo nǹkan ni nǹkan ṣe ń pẹ́. Ó ní òun dárí jì mí. Àwọn kan mi orí.

Alága kọjú sí mi. “Àbúrò, kí lẹ máa sọ?”

“N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, sà. Ẹ ti rí i pé kúlà àtijọ́ la fi gbé oúnjẹ wá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.”

Mo gbé fóònù mi sórí tábìlì, mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ohùn náà parí, ìyàwó Akápò dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kó àwo lọ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ ti wúwo ní òun kò gbọ́ dáadáa, kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Nígbà tó dé ibi “kó má lọ kan mọ́ wa lọ́wọ́,” ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà sì ran ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bọ̀ níwájú.

“Obìnrin ni,” Akápò ní. “Kò mọ nǹkan kan nípa ọjà.”

Ìyálóde ẹgbẹ́ wa, obìnrin kan tó ń ta aṣọ, kò gbé orí sókè kúrò níbi tó ti ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sára.

“Ó mọ̀ pé ìrẹsì á kan,” ó ní.

Akápò jókòó. Ó ní ó dáa, òun á máa san án díẹ̀díẹ̀, títí ọdún yóò fi yí. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì tó wà nínú lẹ́tà ku ọjọ́ mẹ́rin. Ó wo Alága. Alága ń wo ìrẹsì. “Ẹ sanwó olówó,” Alága ní, “ká lè jẹun.” Ọkùnrin tó gbé mọ́ọ̀tì wá sílé mi nìyẹn. Èèyàn lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n kó dúró títí ebi yóò fi pa wọ́n.

A jẹun. Ìrẹsì náà gbóná. Akápò jẹ tiẹ̀ tán, ó bu òmíràn.

Owó náà wọlé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, ó pé. Ní àyè tí à ń kọ ìdí tí a fi fi owó ránṣẹ́ sí, Akápò kọ ọ́ pé ìrànlọ́wọ́ fún arákùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ta abọ́ òfìfo fún mi, ó dá mi lẹ́bi ìkòkò ìyàwó mi, ó wá fi owó mi ṣe àánú mi. N kò pè é. Mo kọ rìsíìtì: owó kúlà mẹ́wàá tí a dá padà nítorí wọn kò rí bí èyí tí a fi hàn ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ wá kó wọn, mo ní kó kà wọ́n, kó sì fọwọ́ sí i. Mo gbé páálí mọ́ọ̀tì náà sínú èyí tó kẹ́yìn. Ìgò kan kò dín.

Awakọ̀ náà wò ó. “Bàbá, ṣé kí n mú ọ̀kan?”

“Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo lọ sí ọjà Sabon Gari. Hausa kan tí n kò mọ̀ rí, tí kò mọ ìlú mi, tí kò sì béèrè, ní kúlà lórí káńtà rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá fóòmù wà nínú rẹ̀. Kò búra. Ó ní “Gwada da kanka,” kí n dán an wò fúnra mi, ó sì ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń ta tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó bu omi gbígbóná wá. Ó bu ú sínú rẹ̀, ó dé e, ó ní kí n lọ ra ohun tí mo fẹ́ rà kí n padà wá. Mo rìn káàkiri ọjà títí. Nígbà tí mo padà, ó ń jẹun, ó fi ẹnu júwe kúlà náà. Mo ṣí i. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, mo sì yára fà á yọ. Mo kan ògiri mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó sanwó, inú kò bí i. Kò gbàdúrà fún mi. Ó fún mi ní ṣéńjì.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀lé oúnjẹ dé Brigade. Ẹ̀wà ni. Èmi ni mo ní kí a se ẹ̀wà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà jáde wá kí àwọn olùkọ́ tó tò. Kò kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣí ìdérí àkọ́kọ́, ooru bo gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì bọ́ ọ, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún. Ó bu ṣíbí kan, ó tọ́ ọ wò, ó dúró, ó tún bu òmíràn.

“Kamar na da,” ó ní. Bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ó pe àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n wá tò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ adaidaita títí tí wọ́n fi bù ú tán, nítorí mo fẹ́ kó àwọn kúlà náà padà sílé lófìfo.

Akápò ṣì ni akápò ẹgbẹ́ wa. Wọn kò yọ ọ́. Tí a bá pàdé, ó ṣì máa ń gbàdúrà fún mi níwájú gbogbo èèyàn, ó sì máa ń dúró díẹ̀ níparí, ó ń retí nǹkan kan lẹ́nu mi. Mo máa ń sọ fún un pé ó dàbọ̀.